Eré tó bá kọ́nà tó dagẹ̀rẹ́ mu: bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ láti inú igun àti rédíọ́sì

Ní pápá ìdíje ọkọ̀ Daytona, ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, ojú ọ̀nà kì í tẹ́ pẹrẹsẹ ní kọ́nà. Láti 1959 tí wọ́n ti ṣí pápá náà ni àwọn kọ́nà ńlá rẹ̀ ti dagẹ̀rẹ́ ní dígírì 31: etí òde ga fíofío, etí inú wà nísàlẹ̀. Rédíọ́sì wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1,000. Nọ́ńbà méjì yìí péré tó fún wa láti mọ eré kan pàtó tí ọkọ̀ lè máa sá yí kọ́nà náà ká, kódà kí wọ́n da òróró sí gbogbo ojú ọ̀nà kí táyà má rí nǹkan kan dì mú. Eré yẹn ni a ó máa pè ní eré tó bá kọ́nà mu. Ọkọ̀ tó bá ń sá a gan-an kò ní yọ̀ lọ sí etí òde lókè, kò sì ní yọ̀ wá sí etí inú nísàlẹ̀.

Dídi tí táyà ń di ojú ọ̀nà mú ni fíríkṣọ̀n. Nínú ìṣirò yìí, a ó kà á sí òdo. Kì í ṣe pé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà. À ń yọ fíríkṣọ̀n kúrò ká lè rí ohun tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà nìkan lè ṣe fún ọkọ̀. Lẹ́yìn náà la ó wá mọ èyí tó kù fún táyà láti ṣe. Ẹni tó há fọ́múlà sórí lè rí ìdáhùn lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ibi tí fọ́múlà ti wá ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, ibẹ̀ náà la ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ya àwòrán láti ẹ̀yìn ọkọ̀

Ẹ ya ọ̀nà náà bí ẹni tó dúró sẹ́yìn ọkọ̀ ṣe máa rí i. Ká ní kọ́nà ń yà sí òsì. Àárín òbìrí tí ọkọ̀ ń yí ká wà lápá òsì nìyẹn, torí náà etí òsì ọ̀nà ni yóò wà nísàlẹ̀, etí ọ̀tún ni yóò ga. Ẹ fa ìlà ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ wá fa ìlà ọ̀nà tó dìde kúrò lára rẹ̀. Igun tó wà láàárín ìlà méjèèjì ni θ. Ẹ fi àmì tóótó kan ṣe ọkọ̀.

Ọfà méjì péré ló tọ́ sí ọkọ̀ yìí. Àkọ́kọ́ ni ìwúwo rẹ̀, `mg`, ìyẹn iye kílò rẹ̀ `m` lọ́nà òòfà ilẹ̀ `g`, tó dorí kọ ilẹ̀ tààrà. Ìkejì ni ipá tí ojú ọ̀nà fi ń tì í, `N`, tó dúró ní igun 90 sí ojú ọ̀nà. Torí pé ọ̀nà ga lápá ọ̀tún, `N` kò dúró ṣánṣán sókè. Ó tẹ̀ sí òsì, níbi tí àárín òbìrí wà. Títẹ̀ yìí ni gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ da ọ̀nà sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Nígbà tí kò sí fíríkṣọ̀n, ọ̀nà kò lè fa ọkọ̀ lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ lójú ara rẹ̀. Ohun tó lè ṣe kò ju kó tì í kúrò lára lọ.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ya ọfà kẹta, wọ́n á kọ `mv²/r` sára rẹ̀, níbi tí `v` ti jẹ́ eré ọkọ̀, tí `r` sì jẹ́ rédíọ́sì. Ẹ má yà á. `mv²/r` kì í ṣe ipá kan tó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn méjì àkọ́kọ́. Ohun tí `N` àti `mg` gbọ́dọ̀ jọ ṣe kí ọkọ̀ tó lè máa yí po ni. Ẹni tó bá yà á ti ka nǹkan kan lẹ́ẹ̀méjì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ibi tí eré ń yí padà sí

Ibí ni ó yẹ ká ti dúró dáadáa, torí ibí ni àṣìṣe tó pọ̀ jù ti ń wáyé. Nígbà tí ọkọ̀ ń yí kọ́nà, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Ibi tó ga dé nígbà tó wọ kọ́nà ló ṣì ga dé nígbà tó ń jáde. Òbìrí tó ń yí ká tẹ́jú nìyẹn, àárín òbìrí náà sì wà ní ìbú kan náà pẹ̀lú ọkọ̀. Kò sí nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Torí náà, bí iye eré kò tilẹ̀ yí padà, tó jẹ́ ìhà tó kọjú sí nìkan ló ń yí, ìyípadà eré ọkọ̀ kọjú sí òsì ní ìbú, kò tẹ̀ lé ojú ọ̀nà lọ sísàlẹ̀.

Àwọn tó ti ṣe ìṣirò àpótí tó ń yọ̀ bọ̀ lórí pákó tó dagẹ̀rẹ́ ti mọ́ ọn lára láti fa ìlà ìṣirò kan tẹ̀ lé pákó, kí wọ́n sì fa èkejì ní igun 90 sí i. Fún àpótí, ó dára bẹ́ẹ̀, torí ojú pákó ni àpótí ń bá lọ. Ọkọ̀ wa kì í bá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ. Ìbú ló ń yí. Ẹ fa ìlà kan ní ìbú, kí ẹ fa ìkejì ní òòró.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá lo ìlà àpótí ni pé yóò kọ `N = mg cos θ` láìronú. Ìyẹn tọ̀nà fún àpótí nítorí pé kò sí ìyípadà eré kankan ní igun 90 sí pákó. Fún ọkọ̀ tó wà ní kọ́nà, apá kan ìyípadà eré kọjú sí ìhà yẹn, torí náà `N` gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kódà ó ju ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ, bí a ṣe máa rí i láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ pín N sí méjì, kí ẹ kọ gbólóhùn méjì

Bí ọ̀nà ṣe fi θ kúrò ní ìbú, bẹ́ẹ̀ náà ni `N` ṣe fi θ kúrò ní òòró. Apá rẹ̀ tó lọ sókè jẹ́ `N cos θ`, apá rẹ̀ tó lọ sí òsì jẹ́ `N sin θ`. Bí iyè méjì bá wà lórí èwo ni cos àti èwo ni sin, ẹ ronú nípa ọ̀nà tó tẹ́jú pátápátá, níbi tí θ jẹ́ òdo: gbogbo `N` yóò lọ sókè, kò sí ohun tí yóò lọ sí ẹ̀gbẹ́. cos 0 jẹ́ 1, sin 0 jẹ́ 0. Ọ̀rọ̀ parí.

Ní òòró, ọkọ̀ kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀, torí náà ohun tó ń tì í sókè dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo rẹ̀. Ní ìbú, ohun tó ń tì í sí òsì ló ń mú un yí po:

```
N cos θ = m g
N sin θ = m v² / r
```

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi gbólóhùn òkè pín ti ìsàlẹ̀

`N` yóò bá `N` kúrò, `m` yóò bá `m` kúrò, sin tí a fi cos pín yóò di tan:

```
tan θ = v² / (r g)
v = √(r g tan θ)
```

Ẹ wò ó pé ìwúwo ọkọ̀ ti bọ́ sílẹ̀. Lórí kọ́nà kan náà, eré tó bá a mu kò yàtọ̀ fún ọ̀kadà àti fún tírélà tó ru sìmẹ́ǹtì. Tírélà wúwo jù, ṣùgbọ́n bí ìwúwo rẹ̀ ṣe pọ̀ tó ni ọ̀nà náà ṣe ń tì í lágbára tó.

Kọ́nà Daytona látòkèdélẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ yí ẹsẹ̀ bàtà padà sí mítà. Ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ mítà 0.3048, torí náà rédíọ́sì jẹ́ mítà 304.8. A ó lo 9.81 fún `g`. Tan dígírì 31 jẹ́ 0.6009.

```
r g         = 304.8 × 9.81    = 2990
r g tan θ   = 2990 × 0.6009   = 1797
v           = √1797           = 42.4 m/s
42.4 × 3.6                    = 152.6 km/h
```

Eré tó bá kọ́nà náà mu jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 153 ní wákàtí kan. Ẹ má tètè ti ìwé. Ọ̀nà kan wà láti dán ìdáhùn yìí wò, ó sì dára ju kéèyàn tún fọ́múlà kan náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, torí pé gbólóhùn méjèèjì àkọ́kọ́ ló ń padà sí. Ká mú ọkọ̀ tó jẹ́ kílò 1,500. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ níútọ̀nù 14,715. Cos dígírì 31 jẹ́ 0.8572, torí náà `N` jẹ́ 14,715 tí a fi 0.8572 pín, ìyẹn nǹkan bíi níútọ̀nù 17,170. Apá rẹ̀ tó lọ ní ìbú, tí a bá fi sin dígírì 31 tó jẹ́ 0.5150 lọ́po rẹ̀, jẹ́ nǹkan bíi 8,840. Ẹ wá ṣírò `mv²/r` lọ́tọ̀: 1,500 lọ́nà 1,797, tí a fi 304.8 pín, jẹ́ nǹkan bíi 8,840 náà. Méjèèjì bára mu. Ẹ sì ti rí i pé `N` ju ìwúwo ọkọ̀ lọ dáadáa. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ yóò mọ̀ pé àga ń ti òun lágbára ju ti ilẹ̀ títẹ́jú lọ.

Bí ìdáhùn bá ṣàìtọ́, irú nọ́ńbà tó ń jáde

Nọ́ńbà tó jáde máa ń sọ irú àṣìṣe tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí 36.3 dípò 42.4, ẹ ti lo `N = mg cos θ`. Fọ́múlà yín ti di `√(r g sin θ cos θ)`. Bí ẹ bá rí 39.2, sin lẹ tẹ̀ dípò tan.

Ẹ̀rọ ìṣirò náà ní tirẹ̀. Tó bá wà ní rédíánì dípò dígírì, tan 31 yóò jáde ní odi, -0.4417, ẹ̀rọ náà yóò sì kọ̀ láti wá rúùtù rẹ̀. Ìyẹn kò léwu, torí pé ẹ ó rí i lójú ẹsẹ̀. Èyí tó ń fara pamọ́ ni grédíánì, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìṣirò máa ń pè ní `G` tàbí `GRAD`: yóò fún yín ní 39.8, nọ́ńbà tí kò jọ àṣìṣe rárá. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ tan 45. Bí kò bá jẹ́ 1, ẹ̀rọ náà kò sí ní dígírì.

Àṣìṣe tó burú jù fún Daytona ni kí ẹnì kan fi 1,000 sí ibi rédíọ́sì kó sì fi 9.81 sí `g`. Yóò rí 76.8, yóò kà á sí mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò sì rò pé kìlómítà 276 ní wákàtí kan ni. Ọkọ̀ ìdíje ni a sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, torí náà nọ́ńbà yẹn kò ní kọ ẹnikẹ́ni lóminú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ní ẹsẹ̀ bàtà gbọ́dọ̀ lo 32.2 fún `g`. Yóò rí ẹsẹ̀ bàtà 139.1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó jẹ́ mítà 42.4 náà.

Bí a ṣe ń wọn igun àti rédíọ́sì lójú ọ̀nà

Nínú ìdánwò, wọ́n á fún yín ní igun àti rédíọ́sì. Lójú ọ̀nà gidi, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sára títì. A lè wọ̀n ọ́n pẹ̀lú okùn, téèpù, lẹ́fẹ́lì àwọn bíríkìlà àti igi tó tọ́ tó gùn ní mítà 2. Ibi tí ọkọ̀ kì í gbà ní àsìkò yẹn ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹnì kan sì máa ṣọ́nà lókèèrè níbi tí àwọn awakọ̀ ti lè rí i.

Fún igun, ẹ gbé igi náà kọjá ọ̀nà ní ìbú, kí orí rẹ̀ kan fara kan ojú ọ̀nà lápá tó ga. Ẹ gbé orí kejì sókè díẹ̀díẹ̀ títí èéhó inú lẹ́fẹ́lì yóò fi dúró sí àárín. Ẹ wá wọn àlàfo láti abẹ́ orí kejì yìí dé ojú ọ̀nà, téèpù kí ó dúró ṣánṣán. Ká ní ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 16. 16 tí a fi 200 pín jẹ́ 0.08, èyí sì ni tan θ fúnra rẹ̀. Ẹ kò nílò láti wá dígírì mọ́. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ mú igi dúró ní ìbú. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ lé ojú ọ̀nà tí ẹ sì wọn bí orí kan ṣe ga ju èkejì lọ, sin lẹ wọ̀n yẹn. Lórí títì lásán, ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan. Ní dígírì 31, sin jẹ́ 0.515, tan sì jẹ́ 0.601.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọ̀nà kì í sábà fi dígírì kọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìdá ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń lò: 0.08 yẹn ni wọ́n ń pè ní 8%. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di dígírì 8 o. Dígírì 4.6 péré ni.

Fún rédíọ́sì, ẹ na okùn mítà 30 láti ojú kan sí òmíràn lórí ìlà funfun etí òde. Láti àárín okùn, ẹ wọn bó ṣe jìnnà sí ìlà funfun náà. Ká pe okùn ní `c`, ká pe àlàfo náà ní `h`:

```
r = c² / (8h) + h/2
```

Bí `h` bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45, rédíọ́sì jẹ́ 900 tí a fi 3.6 pín, ìyẹn mítà 250. `h/2` kò fi kún un ju sẹ̀ǹtímítà 22.5 lọ. Àárín kọ́nà ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Lọ́pọ̀ títì ńlá, wọn kì í ki òbìrí bọ inú ọ̀nà tààrà lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni kọ́nà ń mú. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n níbi tí kọ́nà ti ń bẹ̀rẹ̀ yóò rí rédíọ́sì tó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, eré tó máa ṣírò yóò sì ga ju bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá sì fi sẹ̀ǹtímítà kan ṣi `h` wọ̀n, rédíọ́sì yóò yẹ̀ ní nǹkan bíi 2%, ṣùgbọ́n eré kò ní yẹ̀ ju nǹkan bíi 1% lọ, torí rúùtù máa ń dín àṣìṣe kù sí ìdajì.

Ẹ fi wọ́n sí fọ́múlà: 250 lọ́nà 9.81 lọ́nà 0.08 jẹ́ 196.2, rúùtù rẹ̀ jẹ́ mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Ẹni tó ka 8% sí dígírì 8 ì bá rí 67, ó sì ti fi kìlómítà 17 tí kò sí níbẹ̀ kún un.

Lókè eré yẹn àti nísàlẹ̀ rẹ̀

Ẹ so òkúta kékeré mọ́ okùn, kí ẹ fi kọ́ òrùlé inú ọkọ̀. Lórí kọ́nà tó dagẹ̀rẹ́, bí ọkọ̀ bá wà ní eré tó bá kọ́nà mu, okùn náà yóò dúró ní igun 90 sí ilẹ̀ ọkọ̀, bí ẹni pé kọ́nà kò sí rárá. Bí eré bá dín kù, òkúta yóò tẹ̀ sí etí inú. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò tẹ̀ sí etí òde. Ìhà tí òkúta bá tẹ̀ sí ni ọkọ̀ náà ì bá yọ̀ lọ bí kò bá sí fíríkṣọ̀n.

Ìdí nìyí tí ọkọ̀ ìdíje fi lè sá eré kìlómítà 320 ní wákàtí kan ní Daytona, níbi tí ọ̀nà nìkan kò gbà ju 153 lọ. Ní eré yẹn, táyà gbọ́dọ̀ di ọ̀nà mú pẹ̀lú ipá tó tó nǹkan bí ìdá 0.8 ti `N`. Táyà ìdíje gbígbóná lè ṣe é, afẹ́fẹ́ tó ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ náà sì ń ràn án lọ́wọ́. Táyà ọkọ̀ ilé lójú títì tí òjò ti rọ̀ sí kò ní lè dé ibẹ̀.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí wọn kò da títì wa sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó bá eré tí gbogbo ènìyàn ń sá mu. Ẹ jẹ́ ká yí fọ́múlà padà fún kọ́nà onímítà 250 yẹn, ká sì fẹ́ eré kìlómítà 80 ní wákàtí kan, ìyẹn mítà 22.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tan θ yóò jẹ́ 493.8 tí a fi 2452.5 pín, ìyẹn 0.20, dígírì 11.4. Lórí títì tó dà tó bẹ́ẹ̀, tírélà tí ẹrù rẹ̀ ga, tó ń wọ́ bọ̀ tàbí tó dúró nítorí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ, lè ṣubú sí etí inú. Ọkọ̀ kékeré lè yọ̀ wálẹ̀ bí ẹrẹ̀ bá bo ọ̀nà. Torí náà wọ́n á fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mọ sí 8% tàbí iye tó sún mọ́ ọn, wọ́n á sì fi ìyókù sílẹ̀ fún táyà. Fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré bí èyí, ẹ lè yọ 0.08 kúrò lára 0.20 tààrà: 0.12 ni ìdá tí táyà gbọ́dọ̀ dì mú ní eré 80. Ní eré 100, iye kan náà di nǹkan bíi 0.23. Eré kò tíì fi ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ lé, iṣẹ́ tí táyà gbọ́dọ̀ ṣe sì ti fẹ́ẹ̀ di ìlọ́po méjì.